Ìlà ìjáde mẹ́ta fún ṣíà tó ń gòkè: èwo ló ń jẹ́ kí èrè ńlá dàgbà? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó ń ra ṣíà ní Adó, Ìkéré, Ìjerò àti Ìkọlé ló bi wá ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí. Olùkọ́ pọ̀ nínú wọn, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ yunifásítì náà sì wà. Ohun tó ń dùn wọ́n jọra: wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n máa rà, ṣùgbọ́n ṣíà tó yẹ kó sọ wọ́n di èèyàn ni wọ́n máa ń tà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí.

Kí ni ìlà ìjáde tó ń tẹ̀lé owó ṣíà gan-an?

Ó jẹ́ iye owó kan tí ẹ fi sísàlẹ̀ ṣíà yín, pé bí owó bá já wálẹ̀ kọjá ibẹ̀, ẹ máa tà. Bí ṣíà ṣe ń gòkè ni ìlà náà ń gòkè tẹ̀lé e. Bí ṣíà bá ń bọ̀ sílẹ̀, ìlà náà kì í bá a bọ̀. Ibi tó dé ló máa dúró sí. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń sún ìlà tirẹ̀ sísàlẹ̀ nítorí pé ṣíà ń já, ẹni yẹn ò ní ìlà mọ́, ìrètí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ya oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn sọ́tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń pinnu àlàfo tó wà láàárín owó ṣíà àti ìlà náà.

Báwo ni oríṣi kọ̀ọ̀kan ṣe ń pinnu àlàfo yẹn?

Ti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló rọrùn jù. Ẹ wo ibi tó ga jù tí ṣíà dé láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á, kí ẹ yọ ìdá tí ẹ yàn kúrò. Bí ó bá dé ₦50, tí ẹ sì yan 20%, ìlà yín wà ní ₦40. Kò béèrè bóyá ṣíà yẹn jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ tàbí oníjàgídíjàgan. 20% ni 20%.

Ìkejì ni wọ́n ń pè ní ṣandelíà. Chuck LeBeau ló gbé e kalẹ̀, ọ̀dọ̀ Alexander Elder sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ nípa rẹ̀. Lórí ṣáàtì, orúkọ tí ẹ máa rí ni `Chandelier Exit`. Ibi tó ga jù ni òun náà ti ń kà wálẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn òòjọ́ ṣíà náà fúnra rẹ̀ ló fi ń wọn àlàfo. Ìwọ̀n ìrìn òòjọ́ yìí ni `ATR`, èyí tí J. Welles Wilder gbé jáde ní 1978: ní ṣókí, náírà mélòó ni ṣíà yìí máa ń rìn lójúmọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀? Iye tó sábà máa ń wà lórí ẹ̀rọ láìfọwọ́kàn ni ọjọ́ 22 àti ìlọ́po 3. Ìyẹn ni pé ibi tó ga jù láàárín ọjọ́ ọjà 22, yọ ìrìn òòjọ́ lọ́nà mẹ́ta.

Ìkẹta ni ìpíndọ́gba. Ẹ ro owó ìparí ọjà ọjọ́ 50 tó kẹ́yìn pọ̀, ẹ pín in sí 50, ohun tó bá jáde ni ìlà yín. Lọ́la ẹ máa yọ ọjọ́ tó pẹ́ jù kúrò, ẹ máa fi tuntun sí i. Èyí ò wo ibi tó ga jù rárá. Ọ̀nà tí ṣíà ti rìn bọ̀ ló ń wò.

Ṣé kì í ṣe kí ìlà súnmọ́ ṣíà dáadáa ló dára jù, kí èrè má baà bọ́?

Ìbéèrè yìí ni gbogbo nǹkan rọ̀ mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ mú ṣíà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àpẹẹrẹ tí a ṣe ni, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan pàtó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ọjà Nàìjíríà máa mọ ìrìn rẹ̀.

Ẹ ra 1,000 ṣíà ní ₦20. Láàárín bí oṣù méjì ó dé ₦30. Ìrìn òòjọ́ rẹ̀ nígbà yẹn jẹ́ 90 kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó bọ̀ sílẹ̀ sí ₦25.80. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń lo ṣandelíà onílọ̀ọ́po 3 ti fi ìlà rẹ̀ sí ₦27.30, torí pé 90 kọ́bọ̀ lọ́nà mẹ́ta jẹ́ ₦2.70. Ó ti bọ́ sílẹ̀, ká ní ó tà ní ₦27, ó mú èrè ₦7,000 lọ. Ẹni tó ń lo 20% ní ìlà rẹ̀ ní ₦24, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó lo ṣandelíà onílọ̀ọ́po 5 ní ìlà rẹ̀ ní ₦25.50. Ọgbọ̀n kọ́bọ̀ péré ló gbà á là. Ìpíndọ́gba ọjọ́ 50 wà ní ₦24.50, olówó rẹ̀ ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ṣíà náà gbéra. Bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ó dé ₦60, ìrìn òòjọ́ rẹ̀ ti di ₦2.40. Ó tún bọ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ₦49. Ìlà 20% wà ní ₦48. Ṣandelíà onílọ̀ọ́po 5 náà wà ní ₦48, torí ₦2.40 lọ́nà márùn-ún jẹ́ ₦12. Ìpíndọ́gba ọjọ́ 50 wà ní ₦48.40. Kò sẹ́ni tó bọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ ṣíà yẹn nílé oúnjẹ àti nínú mọ́tò. Láàárín oṣù kan ó sáré láti ₦60 dé ₦110. Ìrìn òòjọ́ rẹ̀ di ₦7. Ní ọjọ́ tó dé ₦110 yẹn, ìlà 20% wà ní ₦88, ṣandelíà onílọ̀ọ́po 5 wà ní ₦75, ìpíndọ́gba ọjọ́ 50 wà ní ₦66. Ẹ kíyè sí i pé ṣíà gòkè ₦50, ìlà ṣandelíà tẹ̀lé e ní ₦27 péré, torí bí ìrìn òòjọ́ ṣe ń fẹ̀ ni àlàfo náà ń fẹ̀.

Ó wá yí padà. Òfin NGX, ọjà tí wọ́n ti ń ra ṣíà ní Nàìjíríà, ò jẹ́ kí owó ṣíà já ju 10% lọ lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́rin ló sì já 10% tẹ̀léra: ₦99, ₦89.10, ₦80.19, ₦72.17. Ìlà ₦88 já lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí ọjà parí ní ₦80.19. Olówó rẹ̀ gbé e sọ́jà lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ₦72.17 ló rí. Ọjọ́ kẹrin ni ìlà ṣandelíà já, ọjọ́ karùn-ún ló rí òǹrà ní ₦70. Ìpíndọ́gba ọjọ́ 50 ò tíì já nígbà yẹn. Ṣíà gòkè díẹ̀ sí ₦78, ó ń yí kiri lójú kan, ìlà ìpíndọ́gba ń gun òkè bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ títí ó fi dé ₦73. Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìjábọ́ yẹn, ọjà parí ní ₦71, olówó rẹ̀ tà ní ₦70.

Àwọn mẹ́ta tí ìlà wọn fẹ̀ kó bíi ₦50,000 sí ₦52,000 lórí ₦20,000. Ẹni tí ìlà rẹ̀ súnmọ́ kó ₦7,000. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn mẹ́ta yẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti ẹni kẹrin. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ìgbà ìsinmi àkọ́kọ́, nígbà tí èrè ṣì kéré, ni ìlà ìjáde ti ń pinnu bóyá ẹ máa rí èrè ńlá. Àwọn èèyàn máa ń fi gbogbo ọgbọ́n wọn sí bí wọ́n ṣe máa jáde ní góńgó. Ibi tí wọ́n ti ń pàdánù wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní ₦27.

Ṣùgbọ́n 20% nínú ₦110 jẹ́ ₦22. Ṣé kì í ṣe owó ńlá nìyẹn láti jẹ́ kó lọ?

Owó ńlá ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹ má fi ibi tó ga jù wọn ohun tó bọ́. Èrè ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ ra ní ₦20. Bí ṣíà bá dé ₦110, èrè tó wà lórí ìwé jẹ́ ₦90. Bí ẹ bá ráyè tà ní ₦88, ₦22 bọ́ nínú ₦90, ìyẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ṣíà kan náà bá dé ₦30 péré kó tó yí padà, èrè orí ìwé jẹ́ ₦10. Ìlà 20% wà ní ₦24, ₦6 bọ́ nínú ₦10. Ju ìdajì lọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ₦24 ló dé, ìlà wà ní ₦19.20, ẹ ti pàdánù nínú owó tí ẹ fi rà á.

Ìlà kan náà, ìdá kan náà, ṣùgbọ́n èrè kékeré ló ń jẹ jù. Nígbà tí ẹ bá fi ìlà tó fẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ ṣíà yín tó gòkè díẹ̀ máa padà wá sí òdo tàbí kó mú èrè táṣẹ́rẹ́ wá. Ibẹ̀ ni sùúrù ti ń tán. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á sún ìlà súnmọ́, èrè kékeré rẹ̀ á sì dára sí i fún oṣù mélòó kan. Ìgbà tí ṣíà tó lọ láti ₦20 sí ₦110 bá dé ló máa tó mọ ohun tó san. Ṣíà bẹ́ẹ̀ ò sì ń wá lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ra mẹ́wàá, ó lè jẹ́ ẹyọ kan.

Báwo ni mo ṣe lè ṣírò ṣandelíà fúnra mi? Áàpù bírókà mi ò ní in.

Bàbá olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì ní Ìjerò ń fọwọ́ ṣe é nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó fi rúlà fa ojú ìlà mẹ́fà, ó ń fi pẹ́ńsù kọ owó ọjọ́ náà, ọjọ́ tí ìlà ìjáde bá gòkè nìkan ló máa ń fi báírò pupa kọ ọ́. Bí báírò pupa ò bá ti jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó mọ̀ pé ṣíà náà ti dúró lójú kan. Mo fẹ́ràn ìwé yẹn gan-an.

Bí ẹ bá ní Excel, ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi owó tó ga jù lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan sí C, èyí tó rẹlẹ̀ jù sí D, owó ìparí ọjà sí E, kí ọjọ́ àkọ́kọ́ wà ní ìlà 2.

```
F3:  =MAX(C3-D3, ABS(C3-E2), ABS(D3-E2))
G24: =AVERAGE(F3:F24)
H24: =MAX(C3:C24)-5*G24
I24: =H24
I25: =MAX(I24, H25)
```

F ni ìrìn ọjọ́ kan. Ó ń wo owó ìparí àná pẹ̀lú, torí ṣíà lè fò láti àná sí òní kó má sì rìn mọ́ títí ọjà fi parí. G ni ìpíndọ́gba ìrìn náà fún ọjọ́ 22. H ni ṣandelíà. Ẹ fa F, G àti H wálẹ̀, ẹ fa I láti I25, kí ẹ sì rí i pé I bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ rà á. Iye G lè yàtọ̀ díẹ̀ sí `ATR` tí ẹ bá rí lórí ṣáàtì, torí ọ̀nà Wilder máa ń jẹ́ kí ọjọ́ àtijọ́ pẹ́ kó tó kúrò nínú ìṣirò. Ìyẹn ò ba nǹkan jẹ́.

Ẹ má ṣe fò I. Òun ló ń dí ìlà lọ́wọ́ kó má bọ̀ sílẹ̀. Bí ṣíà bá ń já 10% lójúmọ́, ìrìn òòjọ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i, H á sì máa sá wálẹ̀ níwájú owó. Bí ẹ bá ń wo H nìkan, ẹ lè máa sọ pé ìlà ò tíì já nígbà tí ẹ ti pàdánù ìdajì.

Mo lo ṣandelíà onílọ̀ọ́po 3 bí wọ́n ṣe kọ́ wa, ó sì ń lé mi jáde ní gbogbo ìgbà. Kí ló fà á?

Ẹ wo ohun tí 3 jẹ́ ní náírà. Ṣíà tó ń rìn 3% lóòjọ́ máa ní àlàfo 9% péré. Ṣíà tó ń lọ sí ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún máa ń bọ̀ sílẹ̀ ju 9% lọ lẹ́ẹ̀mélòó kan lójú ọ̀nà. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ ra kó sì tà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Fún ẹni tó ń wá èrè ńlá, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 5.

Ọ̀ràn kejì wà tó jẹ́ ti ọjà wa níbí. Àwọn ṣíà kan ń sùn. NGX ní iye ṣíà tó gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì kí owó tó lè yí. Bí òwò ọjọ́ náà ò bá tó iye yẹn, owó máa dúró síbi tó wà lánàá. Ẹ lè rí ṣíà kan tó wà ní ₦8 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lójú `ATR`, ṣíà yẹn ti di ẹni jẹ́jẹ́: ìrìn òòjọ́ rẹ̀ lè rọ̀ sí kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ìlọ́po 3 jẹ́ ọgbọ̀n kọ́bọ̀, ìlà ti yọ́ gòkè dé ₦7.70. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tó nílò owó kíákíá tà, ọjà parí ní ₦7.20, ìlà já, ẹ tà. Kò sí ìròyìn kankan nípa ilé-iṣẹ́ náà.

Bí ẹ ṣe máa dá irú rẹ̀ mọ̀ ni kí ẹ wo ojú F nínú Excel. Bí òdo bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ má gbà `ATR` gbọ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ṣírò méjèèjì, ìlọ́po 5 àti 15%, mo sì ń lo èyí tó bá fẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ ìlà ìpíndọ́gba lẹ ń lò lórí ṣíà tó ń sùn, irú wàhálà yẹn wà níbẹ̀ náà: lẹ́yìn ọjọ́ 50 lójú kan, ìlà á wà ní ₦8 gan-an, kọ́bọ̀ kan á sì lé yín jáde.

Ìpíndọ́gba ọjọ́ 20 tàbí 50?

Fún èrè ńlá, 50. Nínú àpẹẹrẹ wa, nígbà tí ṣíà bọ̀ láti ₦30 sí ₦25.80, ìpíndọ́gba ọjọ́ 20 máa wà ní nǹkan bíi ₦27, ó sì ti lé olówó rẹ̀ jáde. Ẹ máa fi owó ìparí ọjà ṣe ìdájọ́, kì í ṣe owó ọ̀sán.

Ẹwà ìpíndọ́gba ni pé ó ń bá ṣíà tó ń gòkè jẹ́jẹ́ rìn dáadáa. Ṣíà tó fi ọdún kan gòkè díẹ̀díẹ̀ lè máà já a rárá. Àléébù rẹ̀ ni sísáré. Bí ṣíà bá ṣe ń sáré tó ni ìlà ṣe ń jìnnà sí i tó, bí ẹ ṣe rí i níbi tí ₦110 àti ₦66 ti wà lọ́jọ́ kan náà. Àlàfo yẹn jẹ́ 40% láti òkè.

Nígbà tí ṣíà ń já 10% lójúmọ́ tí kò sí òǹrà, kí ni ìlà ìjáde wúlò fún?

Kò wúlò púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì yẹ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlà ìjáde jẹ́ ìpinnu yín. Òǹrà ló ń gba ṣíà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè gbé 1,000 ṣíà sọ́jà láàárọ̀, kí òǹtà tó ti tò ṣíwájú yín ní 2,000,000, kí òǹrà jẹ́ òdo. Ọ̀la, ibi tí owó máa já sí ti kéré sí i.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé lórí ọjà wa, apá kan nínú ṣíà tó ń fò gbọ́dọ̀ kúrò nígbà tí òǹrà ń tò. Ìwọ̀n tí mo ń lò ni pé bí owó bá ti ga ju ìpíndọ́gba ọjọ́ 50 lọ ní ìdajì, mo máa ń ta ìdá kan nínú mẹ́ta, èyí tó kù ṣì wà lábẹ́ ìlà rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, nígbà tí ìpíndọ́gba wà ní nǹkan bíi ₦64, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ₦32, nítorí náà ₦96 ló máa tẹ ìkìlọ̀ yẹn. Ẹni tó ta 333 níbẹ̀ rí owó tí ìlà kankan ò lè bá a rí lẹ́yìn náà.

Obìnrin kan tó ń kọ́ni ní Ìkéré bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò kàn sún ìlà súnmọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò? Ẹ lè lo ìlọ́po 3 níbẹ̀." Ìbéèrè gidi ni. Mo ní kí ó ṣe é lórí àpẹẹrẹ yìí: ₦7 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ ₦21, ìlà wà ní ₦89. Ọjọ́ kejì ìjábọ́, ọjà parí ní ₦89.10. Ìlà ò já! Ọjọ́ kẹta, ₦80.19. Ó jáde lọ́jọ́ kẹrin ní ₦72.17 bíi ti ẹni tó lo 20%. Lórí ṣíà tí òǹrà rẹ̀ ń pọ̀ nígbà gbogbo, sísún ìlà súnmọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́, torí ẹ lè tà ní ₦88 nígbà tí ìlà bá já. Níbẹ̀, ìlà ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tàbí ṣandelíà tóóró máa ṣe dáadáa ju ìpíndọ́gba lọ lórí ṣíà tó fò. Kí ẹ tó yan, ẹ wo iye ṣíà tó ń yí ọwọ́ lójúmọ́, pàápàá ní ọjọ́ tí kò dára.

Ìlà ti lé mi jáde ní ₦27, ṣíà sì ti wà ní ₦31. Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀?

Rárá o! Ohun tó ń sọ ìlà tóóró di àdánù ńlá ni kí èèyàn má padà wọlé. Ó ń dun èèyàn láti ra ohun tó tà ní ₦27 ní ₦30.60, ọ̀pọ̀ ò sì lè ṣe é. Ẹ kọ òfin ìpadàwọlé yín kí ẹ tó jáde: bí ọjà bá parí lókè ibi tó ga jù tẹ́lẹ̀, mo máa rà á padà.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tó ń lo ìlọ́po 3 ṣe é. Ó jáde ní ₦27, ó ti jèrè ₦7 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Ọjà parí lókè ₦30, ó rà á padà ní ₦30.60. Ó bá a lọ dé ₦60, ìlà rẹ̀ wà ní ₦52.80, ó jáde ní ₦52: ₦21.40. Ó tún rà á padà ní ₦60.60, ó sì jáde ní ₦72.17: ₦11.57. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi ₦40 kí ẹ tó yọ owó bírókà àti àwọn owó ọjà. Kò tó ₦50 ti àwọn tó jókòó, ṣùgbọ́n ó jìnnà réré sí ₦7. Bí ọkàn yín ò bá lè gba kí ṣíà bọ̀ sílẹ̀ 20% lójú yín, ọ̀nà yìí ló bá yín mu, bí ẹ bá ṣèlérí pé ẹ máa rà á padà.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni ẹ máa mú?

Ṣíà ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, tí òǹrà òun òǹtà rẹ̀ ń pọ̀: ìpíndọ́gba ọjọ́ 50. Ṣíà tó ń rìn gan-an: ṣandelíà onílọ̀ọ́po 5, kí àlàfo rẹ̀ má sì kéré ju 15% lọ. Ẹni tí kò ní àyè láti jókòó ti Excel lálẹ́: 20% tàbí 25%, kó fi fóònù rẹ̀ kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo sílẹ̀. Ìlà tí kò dára jù tí ẹ lè tẹ̀lé sàn ju èyí tó dára tí ẹ máa pa tì ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ìlà mi já lọ́jọ́ tí kò sẹ́ni tó ń ta ṣíà náà. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yọ owó ìpín èrè tàbí bónọ́ọ̀sì kúrò lára owó rẹ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan fún yín ní ṣíà kan lórí márùn-ún tí ẹ ní. Ohun tó jẹ́ márùn-ún lánàá ti di mẹ́fà, nítorí náà ṣíà tó wà ní ₦60 máa bẹ̀rẹ̀ ní ₦50. Lójú ìlà tó wà ní ₦51, ẹ ti bọ́. Lójú àpò yín, kọ́bọ̀ kan ò lọ.

Ṣáàtì kan máa ń tún owó àtijọ́ ṣe fúnra rẹ̀, òmíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé tiyín ò sì lè ṣe é láéláé. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe ìsodipúpọ̀ gbogbo owó àtijọ́ tó wà ní C, D àti E pẹ̀lú 5, kí ẹ pín in sí 6, ìlà ₦51 á di ₦42.50. Fún owó ìpín èrè, ẹ yọ iye náírà tí wọ́n kéde kúrò lára owó àtijọ́ àti lára ìlà. Bàbá wa ní Ìjerò máa ń kọ ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ máa pa ìwé orúkọ onípìn-ín dé sí òkè ojú ewé, kó tó kọ ohunkóhun mìíràn síbẹ̀.